Láti fọ́tò dé inú géèmù: bí mo ṣe kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìbàdàn kan ní lóòpólì

Ilé tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ wà nísàlẹ̀ Òkè Mápó, n'Ìbàdàn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, ilẹ̀ àti òkè kan: bákónì gígùn níwájú, òpó mẹ́rin, páànù tó ti dípẹtà lórí. A nílò rẹ̀ fún géèmù kan tí ẹni tó ń ṣeré nínú rẹ̀ máa ń wo àdúgbò láti òkè ní ìdagẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó dúró lórí òkè tó ń wo ilé ará ìsàlẹ̀. Irú ìwò yẹn là ń pè ní aisomẹ́tíríkì. Nínú rẹ̀, ohun tó jìnnà kì í kéré ju ohun tó sún mọ́ni lọ, ìlà méjì tó bá sì jọ ń lọ lójú ayé kì í pàdé lójú àwòrán. Lóòpólì ní tirẹ̀ ni pé kí a fi ojú pẹlẹbẹ díẹ̀ kọ́ nǹkan, kí ojú kọ̀ọ̀kan sì hàn gedegbe, bí igi tí wọ́n fi àdá gbẹ́ tí wọn ò fi sáńpépà yún un.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gé fọ́tò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí, wọ́n á ní ilé ti dé. Kò lè dára. Fọ́tò ti gbé oòrùn ọjọ́ tí wọ́n yà á dání, ó gbé ìdúró ayàwòrán dání, tí wọ́n bá sì gbé e sáàárín àwọn ilé yòókù, ṣe ló máa dà bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun mẹ́ta péré ni mo máa ń gbà lọ́wọ́ fọ́tò: ìwọ̀n, àwọ̀, àti ohun tí ará àdúgbò fi máa ń dá ilé náà mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo pa fọ́tò náà dé, mo sì kọ́ ilé láti ìpìlẹ̀.

1. Fọ́tò tó ṣeé wọ̀n

Ẹ dúró sódìkejì títì, ẹ gbé fóònù dúró ṣánṣán níwájú àyà. Ẹ má gbé ojú rẹ̀ sókè kí òrùlé lè wọlé. Tí fóònù bá ti dà sẹ́yìn, ògiri méjèèjì á máa sún mọ́ra lókè, àjà òkè á wá kéré ju bó ṣe rí lọ lójú àwòrán, gbogbo ìwọ̀n tí ẹ bá mú níbẹ̀ á sì jẹ́ irọ́. Ẹ kúkú fà sẹ́yìn dáadáa, kí ẹ wá sún àwòrán mọ́ra ní ìlọ́po 2. Mo máa ń ya iwájú gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan gan-an, àti igun tí méjèèjì ti pàdé. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀ ló dára jù, torí àwọ̀ ògiri á hàn bó ṣe rí gan-an láìsí òjìji lójú rẹ̀.

Láti ojú títì, ẹ ò lè rí òrùlé, bẹ́ẹ̀ òrùlé ló máa gba ibi tó pọ̀ jù nínú àwòrán aisomẹ́tíríkì. Mo gun Òkè Mápó lọ síwájú gbọ̀ngàn olópòó tó wà níbẹ̀ láti ya òrùlé àwọn ilé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé páànù ilé kan náà kì í pọ́n bákan náà: èyí tí wọ́n pààrọ̀ lẹ́yìn ìjì ṣì funfun, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀ pupa, òmíràn ti ń dúdú lọ. A máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yà. Ìyá àgbà kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé náà lọ́jọ́ tí mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà."

"Kú àbọ̀, ọmọ mi. Ṣé ìjọba ló rán ọ wá? Ṣé wọ́n fẹ́ wólé ni?"

Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, torí ẹni tó bá ń ya irú ilé bẹ́ẹ̀ ní fọ́tò lè jẹ́ ẹni tó ń bọ̀ wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Mo ṣàlàyé pé géèmù ni mo fẹ́ yà á sí. Wọ́n ní kí n máa yà á, kí n ṣáà má ya aṣọ tí àwọn sá. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n tún pè mí padà: "Fèrèsé yẹn, àwọ̀ ewé ni bàbá wa fi kùn ún. Búlúù yìí ò tíì pẹ́ rárá." Fọ́tò kankan ò lè sọ ìyẹn fún mi.

2. Ìwọ̀n

Ohun kan tí ẹ mọ gígùn rẹ̀ dájú ni ẹ nílò. Mo fi téèpù wọn ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà, ó jẹ́ mítà 2.1. Nínú fọ́tò iwájú, ilẹ̀kùn yẹn ga tó píkísẹ́lì 168. 168 tí a bá fi 2.1 pín, 80 ni, ìyẹn ni pé píkísẹ́lì 80 dúró fún mítà kan. Ògiri iwájú fẹ̀ tó píkísẹ́lì 720, mítà 9 nìyẹn. Àjà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 240, mítà 3.

Ìṣirò yìí ò ṣiṣẹ́ fún ohun tí kò sí lójú ògiri kan náà pẹ̀lú ilẹ̀kùn. Bákónì yọ síta, ó sún mọ́ kámẹ́rà ju ògiri lọ, nítorí náà ó máa tóbi ju bó ṣe yẹ lọ nínú fọ́tò. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú ara rẹ̀; tiwa yọ síta ní mítà 1.2. Ní ti bí ilé ṣe gùn lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ 16, sẹ̀ǹtímítà 75 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 12. Kò pọn dandan kó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí a ṣì máa gé e kúrú.

3. Kámẹ́rà ṣáájú ilé

Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹni tó bá kọ́ ilé tán kó tó gbé kámẹ́rà á tún un kọ́, torí kámẹ́rà ló ń sọ ohun tó máa hàn àti ohun tó máa sọnù.

Nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ́ ilé, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ jẹ́ `Orthographic`, ìyẹn èyí tí kì í sọ ohun tó jìnnà di kékeré. Ẹ máa rí i níbi púpọ̀ pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí dígírì 54.736. Aisomẹ́tíríkì tòótọ́ nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí táìlì géèmù, ìyẹn onígun mẹ́rin kéékèèké tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ géèmù, ń lò. Táìlì géèmù sábà máa ń fẹ̀ ní ìlọ́po 2 gíga rẹ̀, dígírì 60 ló sì ń bí irú táìlì bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdí tí a fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: ìlà ẹsẹ̀ ògiri á máa gbé ìṣísẹ̀ píkísẹ́lì 2 sẹ́gbẹ̀ẹ́, 1 sókè, ní déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ní máa ṣe gbágungbàgun.

Táìlì wa fẹ̀ ní píkísẹ́lì 64, ó ga ní 32, táìlì kan sì dúró fún mítà kan níbùú àti lóòró. Láti igun dé igun, onígun mẹ́rin tó jẹ́ mítà kan gùn ní mítà 1.4142. Àwòrán wa fẹ̀ ní píkísẹ́lì 1024, táìlì 16 ló máa wọ inú rẹ̀, nítorí náà `Orthographic Scale` jẹ́ 16 lọ́nà 1.4142, tí í ṣe 22.627. Tí ẹ ò bá fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ èyí mọ́ ojú `Scripting`, kí ẹ sì tẹ `Run Script`:

```python
import bpy, math
s = bpy.context.scene
c = s.camera
c.data.type = 'ORTHO'
c.data.ortho_scale = 22.627
c.location = (24.495, -24.495, 20)
c.rotation_euler = (math.radians(60), 0, math.radians(45))
s.render.resolution_x = 1024
s.render.resolution_y = 1024
```

Kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun, ẹ gbé pẹlẹbẹ kan tó jẹ́ mítà 1 sí 1 sílẹ̀ láàárín gbùngbùn, ẹ tẹ F12, kí ẹ ka píkísẹ́lì rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní 64, kó sì ga ní 32. Tí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 37, ẹ ti fi kámẹ́rà sí 54.736. Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí 64, `Orthographic Scale` ni ẹ ṣì. Látìgbà yìí lọ, ẹ má fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́. Ilé ni ká máa sún, kámẹ́rà kì í kúrò lójú kan.

4. Kíkọ́ ilé, àti ohun tí ẹ máa yọ kúrò

Bí a ṣe gbé kámẹ́rà yìí, ògiri tó kọjú sí `-Y` á wà lápá òsì àwòrán, èyí tó kọjú sí `X` á wà lápá ọ̀tún. Mo kọ iwájú ilé sí `-Y`. Ògiri méjì ẹ̀yìn kò ní hàn láéláé, nítorí náà mi ò kọ́ fèrèsé kankan sí wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí kan. `Ctrl+R` la fi ń la ojú ògiri sí wẹ́wẹ́, `I` la fi ń ya ojú fèrèsé sínú ògiri, `E` la sì fi ń tì í wọlé. Sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ni mo máa ń tì í, kí etí fèrèsé lè ní òjìji. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ yan `Shade Flat`. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi fọ́tò púpọ̀ bí odindi ilé tó ní ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí wọ́n tó fi `Decimate` dín in kù. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni onígun mẹ́ta tó ṣe wọ́gọwọ̀gọ lójú ògiri tó yẹ kó tẹ́jú. Fún ilé, ẹ fọwọ́ kọ́ ọ.

Ìpinnu àkọ́kọ́ ni ti gígùn. Mítà 12 lọ sẹ́yìn ti pọ̀ jù: òrùlé á bo gbogbo àwòrán, iwájú tí a ń fẹ́ á wá kéré. Mo gé e sí mítà 9. Kíá ni mo rí àṣìṣe mi. Ilé ti fẹ̀ ní 9, ó tún gùn ní 9, òrùlé bá ṣe ṣóńṣó lókè bí agboòrùn, orí òrùlé tó máa ń nà gbọọrọ lórí irú ilé yẹn sì sọnù. Kò jọ ilé Ìbàdàn mọ́. Mo dá a padà sí mítà 10, orí òrùlé nà ní mítà kan, ó sì jọ ọ́. Bákónì, mo sọ ọ́ di mítà 1 géérégé dípò 1.2, kí ẹsẹ̀ ilé lè dúró sórí táìlì láìsí àjẹkù: 9 níbùú, 11 lóòró.

Ìpinnu kejì ni ohun tó kéré jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mítà kan jẹ́ píkísẹ́lì 32 péré nínú àwòrán yìí. Mo fi ṣe òfin pé ohun tí kò bá fẹ̀ tó píkísẹ́lì 3, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ sọ ọ́ di ńlá. Irin bákónì ilé yìí jẹ́ 36, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bí ìka ọwọ́. Ìka ọwọ́ kò tó píkísẹ́lì kan. Tí ẹ bá kọ́ gbogbo wọn, díẹ̀ á hàn, díẹ̀ á sọnù, bákónì á dà bí àwọ̀n tó ti ya. Mo kọ́ irin 12, mo fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òpó mẹ́rin iwájú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 lójú ayé, mo sọ ọ́ di 40. Òpó wọ̀nyẹn lẹni tó bá mọ àdúgbò náà máa kọ́kọ́ wò, nítorí náà àwọn ló yẹ kó sanra.

Ìpinnu kẹta ni ìjà láàárín òrùlé àti fèrèsé. Òrùlé yọ kọjá bákónì, láti ibi tí kámẹ́rà wà, ó sì ń bo òkè ògiri. Bákónì mítà 1, pẹ̀lú etí òrùlé sẹ̀ǹtímítà 60, ń bo mítà 1.3 lára ògiri àjà òkè, fèrèsé sì di ìlàjì. Mo gé etí òrùlé sí sẹ̀ǹtímítà 30, mo gbé àjà òkè láti mítà 3 lọ sí 3.4. Ẹni tó bá fi téèpù wọn ilé náà á ní mo parọ́, ṣùgbọ́n ojú tó ń wo géèmù á rí ilé tó mọ̀.

Ó kan òrùlé fúnra rẹ̀. Ìgbì kan lára páànù fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8, kò tó píkísẹ́lì 3, òfin wa sì ti lé e jáde. Dípò ìgbì, mo la òrùlé sí ọ̀já gbọọrọ láti òkè wá sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75, bí ẹni pé páànù kan ló dúró fún. Mo wá fa ẹsẹ̀ díẹ̀ nínú wọn wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí etí òrùlé má bàa gún bí ìlà rúlà. Gbogbo ilé náà ò tó ojú 700.

5. Àwọ̀

Ẹ ṣí fọ́tò nínú GIMP, ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ lọ sí `Filters > Blur > Pixelize`, ẹ fi 40 sí i. Ògiri tó kún fún ẹrẹ̀, àlẹ̀mọ́ ìwé ìdìbò àti ìtànṣán oòrùn á di àwọn onígun mẹ́rin díẹ̀, ẹ̀yin á sì yan èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tí ẹ bá yan àwọ̀ lára píkísẹ́lì kan ṣoṣo, ẹ lè mú ti àbàwọ́n láì mọ̀.

Mo ṣe àwòrán kékeré kan, píkísẹ́lì 64 sí 64, mo pín in sí onígun mẹ́rin 16, àwọ̀ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé àdúgbò ló ń lo àwòrán kan yìí. Nínú `UV Editor`, ẹ yan ojú tí ẹ fẹ́ kùn, ẹ tẹ `U` kí ẹ tú u, ẹ tẹ `S` àti `0` kó lè sún kì di ẹyọ kan, kí ẹ wá gbé e sáàárín àwọ̀ tó tọ́ sí i. Ní `Image Texture`, ẹ yí `Linear` sí `Closest`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ méjì á máa wọ inú ara wọn.

Ògiri gba `#D2A56A`. Páànù gba mẹ́rin: `#8A4B2A`, `#A65E33`, `#6B3A26`, àti `#B9B4A8` fún èyí tó ṣì funfun. Mi ò pín wọn ní títẹ̀léra. Méjì tàbí mẹ́ta tó jọ ara wọn á wà papọ̀, ọ̀kan tó dúdú á tẹ̀ lé wọn, ẹyọ méjì péré ló funfun lórí gbogbo òrùlé. Tí funfun bá pọ̀, òrùlé á jọ aṣọ òfì aláràbarà, ojú á sì máa sá lọ síbẹ̀ dípò ẹni tó ń rìn nínú géèmù. Fèrèsé gba `#3F6B4A`, àwọ̀ ewé tí ìyá yẹn sọ.

6. Oòrùn

Ìmọ́lẹ̀ `Sun` kan ti tó. Ẹ yí i ní `X` dígírì 35 àti `Z` dígírì 20, ẹ fi `Strength` sí 3. Ojú tó kọjú sókè á gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù, iwájú á gba tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí ló ń jẹ́ kí ilé dúró. Ẹ fún `World` ní àwọ̀ eérú tó fà mọ́ búlúù díẹ̀, `Strength` 0.3, kí ibi tí oòrùn ò dé má dúdú bí èédú. Ìtẹ̀sí oòrùn yìí kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ fún igi, kànga àti ilé yòókù.

Pẹ̀lú oòrùn yìí, òjìji òrùlé sọ̀ kalẹ̀ tó mítà 2 sára ògiri àjà òkè, bẹ́ẹ̀ apá ìsàlẹ̀ òpó iwájú wà nínú ìmọ́lẹ̀. Òpó tó mọ́ níwájú ògiri tó ṣókùnkùn: ìyẹn ló sọ bákónì di ihò téèyàn lè wọ̀, láìfi ojú kan kún un.

Ẹ lọ sí `Color Management`, ẹ yí `View Transform` láti `AgX` sí `Standard`. Tí ẹ bá gbàgbé, gbogbo àwọ̀ á ṣá, ẹ ó máa wá àṣìṣe kiri nínú àwọ̀ tí kò ní àṣìṣe. Ẹ tẹ `Transparent` lábẹ́ `Film`, ẹ yà á jáde ní PNG. Kí ẹ tó gbà á, ẹ lo `Colors > Desaturate` lórí ẹ̀dà rẹ̀ nínú GIMP. Tí òrùlé, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ò bá yàtọ̀ síra nígbà tí àwọ̀ ti lọ, oòrùn ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má fi àwọ̀ bò ó.

Tó bá jẹ́ yàrá lẹ ń ṣe, bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Ògiri `-Y` àti ti `X` ni ẹ máa yọ pẹ̀lú òrùlé, kí ojú lè ríran wọlé, kí ẹ sì gé méjì tó kù sí mítà 2.5.

7. Ilé nínú géèmù

Nínú Godot, ètò tí a fi ń kọ́ géèmù fúnra rẹ̀, ẹ fi `Tile Shape` sí `Isometric`, `Tile Size` sí 64 àti 32, ẹ tan `Y Sort Enabled`. Ohun tí ìyẹn ń ṣe ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ jù lójú àwòrán ló máa wà níwájú. Ilé ńlá kan ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lójú Godot, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá wà ní igun iwájú, ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọ̀tún, tó ti gòkè díẹ̀ kọjá igun yẹn, á kó sẹ́yìn ilé, ògiri á gbé e mì, bẹ́ẹ̀ ìta gbangba ló wà.

Mo gé àwòrán náà lóòró sí ọ̀já píkísẹ́lì 32. Iwájú jẹ́ mítà 9, ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 11, nítorí náà ọ̀já 20 ni. Etí òrùlé tó yọ lápá méjèèjì wà lára ọ̀já ìkẹyìn níhà kọ̀ọ̀kan. `Sprite2D` ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa `Centered`, kí ẹ fi `Offset` gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ibi tí ìlà ìsàlẹ̀ ògiri ti gba àárín ọ̀já náà kọjá. Láti òsì, ẹsẹ̀ ọ̀já kọ̀ọ̀kan fi píkísẹ́lì 16 wà nísàlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ títí dé ọ̀já kẹsàn-án. Ọ̀já kẹwàá wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú kẹsàn-án, torí igun iwájú wà láàárín àwọn méjèèjì. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ á tún máa gòkè ní 16.

Ẹ wá mú ẹni inú géèmù rìn yípo ilé náà, kí ó fara kan ògiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láti igun iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ibi tí orí rẹ̀ bá ti ṣàdédé wọ inú ògiri, ẹ ka ọ̀já tó wà níbẹ̀ láti òsì, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Tèmi, ọ̀já kẹrìnlá ni, mo ti kọ 16 ní ìlọ́po 2 síbẹ̀.